51 àti 74: Ohun Tí Ẹ̀rí Abẹ́rẹ́ Táílándì Sọ Gan-an

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ìròyìn kan jáde láti ìlú Bangkok tó mú inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn káàkiri ayé: wọ́n ní fún ìgbà àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ti dín bí àwọn ènìyàn ṣe ń kó kòkòrò HIV kù. Ìwádìí náà, tí wọ́n pè ní RV144, ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2003 ní ẹkùn Rayong àti Chonburi lórílẹ̀-èdè Táílándì, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún un sì lé ní 16,000. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú. Nínú ìṣirò tí wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ náà, 8,197 gba àjẹsára, 8,198 sì gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn kankan nínú. Nígbà tí wọ́n ka ẹni tó kó kòkòrò náà tán, 51 ni wọ́n rí lọ́dọ̀ àwọn tó gba àjẹsára, 74 sì ni wọ́n rí lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbà á. Wọ́n ní agbára ààbò rẹ̀ jẹ́ 31 nínú 100, iye p rẹ̀ sì jẹ́ 0.04. Nítorí pé 0.04 kéré sí 0.05, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé àjẹsára náà ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé nọ́mbà méjì yẹn, 51 àti 74, ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ, ṣùgbọ́n iye p kọ́ ló lè bá wọn sọ ọ́. Ìbéèrè méjì tí gbogbo ènìyàn ń béèrè nípa àjẹsára náà ní ìdáhùn tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìdáhùn náà kò sì le ju ohun tí ẹni tó ti ń ka iye p lè lóye lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí iye p ń sọ ní ti gidi. Ó ní: ẹ jẹ́ ká gbà pé àjẹsára yìí kò wúlò rárá, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì tún ìwádìí yìí ṣe ní àìmọye ìgbà, ẹ̀ẹ̀melòó nínú 100 ni ìyàtọ̀ tó tó ti 51 àti 74, tàbí èyí tó jù ú lọ, máa yọjú lọ́wọ́ èèṣì lásán? Ìdáhùn rẹ̀ ni bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ó tán síbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ti gbà pé àjẹsára náà kò wúlò. Nítorí náà, kò lè sọ fún wa bí ó ṣe ṣeé ṣe tó pé kò wúlò, nítorí ohun tí a ti gbà ṣáájú kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ kò lè tún jáde ní ìgbẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí èsì. Síbẹ̀, báyìí ni wọ́n ṣe ń kà á lójoojúmọ́: wọ́n á ní bí p bá jẹ́ 0.04, ìdánilójú pé àjẹsára ṣiṣẹ́ jẹ́ 96 nínú 100. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti yí padà láàárín ẹnu àti etí. Bí ó ti ṣeé ṣe tó kí a rí ẹ̀rí yìí bí àbá kan bá jẹ́ òótọ́ yàtọ̀ pátápátá sí bí ó ti ṣeé ṣe tó kí àbá náà jẹ́ òótọ́ lẹ́yìn tí a ti rí ẹ̀rí. Láti ibi àkọ́kọ́ dé ibi kejì, afárá kan wà tí a gbọ́dọ̀ gbà kọjá, Thomas Bayes, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sì kọ́kọ́ tẹ́ ẹ nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1763 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí olùgbọ́ kan yóò béèrè ni pé: báwo ni agbára ààbò rẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Èyí ni ohun tí mo máa pè ní ààlà ẹ̀yìn ẹ̀rí ń dáhùn. Ẹ jẹ́ ká ṣe é níṣẹ̀ẹ́ níṣẹ̀ẹ́. Ènìyàn 125 ló kó kòkòrò náà lápapọ̀. Nítorí pé ẹgbẹ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pátápátá, bí àjẹsára náà kò bá wúlò, ìdajì àwọn 125 náà ló yẹ kó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó gbà á. Bí agbára ààbò rẹ̀ bá jẹ́ 50 nínú 100, ìdá kan nínú mẹ́ta ló yẹ kó wá láti ọ̀dọ̀ wọn. Iye agbára ààbò kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn lè ronú kàn ní ìpín tó bá a mu. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé: bí ìwọ bá ni òótọ́, ẹ̀ẹ̀melòó nínú ìwádìí 1,000 ni a máa rí 51 géérégé nínú 125? Ẹni tó ní àjẹsára kò wúlò rárá á dáhùn pé bí ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Ẹni tó ní agbára rẹ̀ jẹ́ 10 nínú 100 á ní bí ẹ̀ẹ̀ 24. Ẹni tó ní 30 nínú 100 á ní bí ẹ̀ẹ̀ 72, ẹni tó ní 50 á sì ní bí ẹ̀ẹ̀ 16. Ẹni tó ní 80 kò ní ìdáhùn kankan tó ṣeé sọ, nítorí pé bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 80 ni, ẹ̀rí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè wáyé láé. Ohun tó kù ni pé kí a fi ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sọ ìwọ̀n ìgbàgbọ́ tí a ní nínú iye náà ṣáájú ẹ̀rí di púpọ̀, kí a sì tún gbogbo rẹ̀ pín kí àpapọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ odindi kan. Èyí tó bá sọ̀rọ̀ ẹ̀rí dáadáa á gba ìgbàgbọ́ sí i, èyí tí kò bá sọ ọ́ dáadáa á pàdánù.

Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láìfi ti ẹnikẹ́ni ṣe, tí a fún gbogbo ìpín láti òdo dé odindi ní ìwọ̀n kan náà, ohun tí a máa rí lẹ́yìn ẹ̀rí nìyí. Iye tó wà ní àárín gbùngbùn jẹ́ nǹkan bí 31 nínú 100. Ìgbàgbọ́ 95 nínú 100 wà láàárín nǹkan bí 1 àti 52. Ẹ sì lè ka ààlà yìí bí ọmọ ènìyàn ṣe fẹ́ kà á: pẹ̀lú ohun tí a gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀rí tí a rí, ó ṣeé ṣe dé ìwọ̀n 95 nínú 100 pé agbára ààbò àjẹsára náà wà láàárín ibí yìí sí ibẹ̀ yẹn. Kò sí ìtumọ̀ kankan tó fara sin nínú rẹ̀. A tún lè béèrè ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ó wúlò, bó ti wù kó kéré mọ? Nǹkan bí 98 nínú 100. Ṣé agbára rẹ̀ ju 30 lọ? Nǹkan bí 53 nínú 100. Ṣé ó ju 50, ìyẹn iye tó lè mú ìjọba kan náwó lé e fún gbogbo ìlú? Nǹkan bí 4 nínú 100 péré. Ẹ wo bí ìdáhùn ìgbẹ̀yìn yìí ṣe jìnnà tó sí ayọ̀ tí ìròyìn 2009 dá sílẹ̀. Ẹni tó gbọ́ pé p jẹ́ 0.04 nìkan kò lè mọ̀ ọ́n láé.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé àwọn olùwádìí náà ti gbé ààlà kan jáde ní ti ìlànà àtijọ́, pé ó bẹ̀rẹ̀ láti 1.1 ó sì dé 52.1, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tèmi mu pátápátá. Kí wá ni wàhálà náà? Òótọ́ ni pé nọ́mbà wọn jọra. Ṣùgbọ́n ààlà ti àtijọ́ kò sọ̀rọ̀ nípa àjẹsára yìí. Ìlànà ìṣirò ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó ní bí a bá ń lo ìlànà yìí nínú ìwádìí lóríṣiríṣi, ààlà 95 nínú 100 tí a bá yà á mú òótọ́. Nípa ti Táílándì fúnra rẹ̀, bóyá ó mú un tàbí kò mú un, ìlànà náà kò fọhùn. Wọ́n jọra níbí nítorí pé a kò mú ìmọ̀ ìṣáájú kankan wá. Ní ọjọ́ tí ìmọ̀ ìṣáájú bá wà, tí àkọsílẹ̀ bá sì kéré, wọ́n á pínyà, èyí tó sì ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà níwájú wa gan-an ni ààlà ẹ̀yìn ẹ̀rí.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ nínú ìwádìí yìí kan náà tó fi ìyàtọ̀ hàn ju gbogbo àlàyé lọ. 51 àti 74 wá láti inú ìṣirò tó yọ àwọn méje kan kúrò, àwọn tí wọ́n wá rí i pé wọ́n ti ní kòkòrò náà kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọ ara wọn. Bí wọ́n bá ka gbogbo ẹni tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, 56 àti 76 ni, iye p á sì di 0.08. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe di awuyewuye: ní ìhà kan 0.05, àjẹsára ṣiṣẹ́. Ní ìhà kejì, kò sí ẹ̀rí. Ẹ wá wo ohun tí ààlà ẹ̀yìn ẹ̀rí ṣe. Ó kúrò láti 1 sí 52, ó bọ́ sí nǹkan bí òdo dín 4 sí 48. Ìgbàgbọ́ pé ó wúlò rárá sì kúrò ní 98, ó di 96. Ìyẹn ni ìwọ̀n tí yíyọ ènìyàn méje kúrò yẹ kó yí èrò ẹnikẹ́ni padà. Ẹ̀rí kì í ṣubú láti orí òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa la fi ọwọ́ ara wa gbẹ́ kòtò sí 0.05.

Mo ní ìbéèrè méjì. Èkejì nìyí: nínú àbá méjì, èwo ni ẹ̀rí tì lẹ́yìn, báwo ni ó sì ṣe tì í lẹ́yìn tó? Àbá kan ní àjẹsára náà kò ṣe nǹkan kan, òdo géérégé. Àbá kejì ní ó ṣe nǹkan. Ìwọ̀n ìfiwéra, tí àwọn onímọ̀ ń fi orúkọ Bayes pè, ni pé kí a mú bí àbá kan ṣe sọ àsọtẹ́lẹ̀ ẹ̀rí tó, kí a fi bí èkejì ṣe sọ ọ́ tó pín in. Bí ó bá jẹ́ 10, ó túmọ̀ sí pé àbá kan sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá ju èkejì lọ. Harold Jeffreys, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ìlànà yìí kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1939, kò ka ìwọ̀n tí kò tó nǹkan bí 3 sí ẹ̀rí tó yẹ kí a gbé ẹnu lé. Ohun tó yẹ kí a rántí ni pé àbá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti sọ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí àwọn méjì tó ta tẹ́tẹ́ lórí eré bọ́ọ̀lù: ẹni tó fi gbogbo owó rẹ̀ lé 1 sí 0 lè jẹ gidi bí ó bá bọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó pín owó rẹ̀ sórí gbogbo èsì láti òdo sí òdo títí dé 9 sí 9 kò lè fi bẹ́ẹ̀ jẹ, kódà bí ọ̀kan nínú èsì rẹ̀ bá wọlé, nítorí owó tó wà lórí rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ̀yìn àlàyé yìí ni nọ́mbà Táílándì yóò ti yà yín lẹ́nu. Ẹni tó ní òdo géérégé ti sọ tẹ́lẹ̀ pé 51 máa yọ ní bí ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nínú 1,000. Ẹni tó ní "ó ṣe nǹkan" ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tó ṣe, tó fún gbogbo ìpín ní ìwọ̀n kan náà, ti fún gbogbo èsì láti 0 dé 125 ní àǹfààní tó dọ́gba. Èsì yẹn jẹ́ 126, nítorí náà 51 gba ìdá kan nínú 126, ìyẹn bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ nínú 1,000. Mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ. Ìwọ̀n ìfiwéra jẹ́ nǹkan bí 1.1, ẹni tó ní àjẹsára kò wúlò ló sì fi díẹ̀ ṣáájú! Ẹ̀rí yìí kan náà ni iye p rẹ̀ jẹ́ 0.04.

Mo mọ̀ pé ẹni tó mọṣẹ́ yóò tako mi kíákíá, ó sì tọ́ kó tako mi. Yóò ní ẹni tí mo gbé kalẹ̀ láti gbèjà àjẹsára kì í ṣe agbẹjọ́rò tó yè kooro. Ó fi ìdajì owó rẹ̀ lé e pé àjẹsára yóò ṣe ènìyàn ní jàǹbá, ó tún fi púpọ̀ nínú ìyókù lé e pé agbára rẹ̀ ju 70 lọ, ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ó dára, ẹ jẹ́ ká yan ẹlòmíràn. Bí a bá ní kò lè ṣe jàǹbá, kìkì kó dáàbò bò, ìwọ̀n ìfiwéra á di nǹkan bí 1.8, ó sì tì í lẹ́yìn. Bí a bá wá dín in kù, tí a ní agbára rẹ̀ wà níbikíbi láàárín òdo àti 60 nínú 100, ó di 4.3. Bí a bá sì ṣe ohun tí kò tọ́, tí a dúró di ìgbà tí ẹ̀rí jáde tán kí a tó sọ pé iye tí a ti ń sọ láti àná ni èyí tó bá a mu jù lọ, ìwọ̀n náà kò kọjá 8.4. Àbá kankan kò lè mú un ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kókó tó wà nínú ọ̀rọ̀ mi nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ yékéyéké: p tó jẹ́ 0.04 dún létí bí ẹni pé ó jẹ́ 24 sí 1, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà nínú rẹ̀, bó ti wù kí a fi ojúsàájú gbèjà rẹ̀ tó, kò lè ju bíi 8 sí 1 lọ, láìsí ojúsàájú ó sì wà láàárín 1 àti 4.

Àtakò kejì ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu mi pé ó dájú dé 98 nínú 100 pé àjẹsára náà wúlò, ẹ sì tún gbọ́ lẹ́nu mi pé ẹ̀rí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yà àbá méjèèjì sọ́tọ̀. Ṣé kì í ṣe ẹnu mi ló ń tako ara rẹ̀? Rárá, ìbéèrè ló yàtọ̀. Nígbà tí a ń ṣe ààlà ẹ̀yìn ẹ̀rí, a tẹ́ ìgbàgbọ́ wa sórí gbogbo iye, kò sì sí àyè pàtàkì fún òdo géérégé. Ohun tí 98 ń sọ ni pé, bí àjẹsára bá ní ipa kan tàbí òmíràn, ẹ̀rí tọ́ka sí ìhà rere. Nínú ìfiwéra, a fún òdo géérégé ní ìjókòó tirẹ̀ nínú ìgbìmọ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn pàtàkì wà tí wọ́n gbà á gbọ́ pẹ̀lú ìdí. Apá kan nínú àjẹsára náà, AIDSVAX, ti kùnà fúnra rẹ̀ nínú ìwádìí ìṣáájú ní Táílándì kan náà, èsì rẹ̀ sì ti jáde ní 2003. Ní 2004, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lé ní ogún kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Science láti béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe RV144 rárá. Bí ẹnìkan bá ní irú èrò yẹn, tó ní àǹfààní pé ó wúlò jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún, ìwọ̀n 4.3 yóò mú èrò rẹ̀ dé bí 52 nínú 100. Bí ó bá lo 1.8, ó dé 31. Ẹni tó fara mọ́ ọn ní àárín méjì tẹ́lẹ̀, 1.8 yóò mú un dé bí 64. Ẹ̀rí náà gbé gbogbo wọn síwájú, ṣùgbọ́n kò gbé ẹnikẹ́ni dé ibi ìdánilójú. Bí òdo géérégé bá jẹ́ ohun tó bọ́gbọ́n mu nínú ọ̀ràn tó wà níwájú yín, ìfiwéra ni kí ẹ béèrè. Bí kò bá bọ́gbọ́n mu, bí ìgbà tí a bá ń béèrè bí ajílẹ̀ kan ṣe mú àgbàdo pọ̀ sí i tó, ààlà ti tó.

Wọ́n á ní gbogbo èyí ti di ọ̀rọ̀ èrò ọkàn, pé ibi tí kálukú bá bẹ̀rẹ̀ ni yóò parí sí. Mo gbà pé ibi tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ní ipa, ó sì dára kó ní in, nítorí ẹ ti rí i pé ìgbàgbọ́ ìṣáájú wà ní gbangba níbi tí a lè bá a jà. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń dínkù bí ẹ̀rí bá ṣe ń lágbára sí i. Ẹ wo àjẹsára àrùn kòrónà tí ilé iṣẹ́ Pfizer àti BioNTech ṣe ní ọdún 2020. Ìlànà Bayes ni wọ́n dìídì fi kọ ètò ìwádìí náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ènìyàn 8 ló kó àrùn náà lọ́dọ̀ àwọn tó gba àjẹsára, 162 lọ́dọ̀ àwọn tó gba abẹ́rẹ́ òfìfo, ààlà ẹ̀yìn ẹ̀rí tí wọ́n tẹ̀ jáde sì bẹ̀rẹ̀ ní 90.3, ó parí sí 97.6 nínú 100. Bí ẹ bá ṣe ìfiwéra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣe ti Táílándì, kódà pẹ̀lú agbẹjọ́rò aláìmòye tó fún gbogbo ìpín ní ìwọ̀n kan náà, nọ́mbà tó máa jáde ní ju ọgbọ̀n òǹkà lọ. Kò sí ìgbàgbọ́ ìṣáájú ènìyàn gidi tó lè dúró níwájú irú rẹ̀. Bí èrò ẹni bá ṣì lè yí èsì Táílándì síhìn-ín sọ́hùn-ún, a jẹ́ pé ẹ̀rí Táílándì kò lágbára. Ìyẹn gan-an sì ni ó yẹ kí wọ́n sọ fún ará ìlú ní 2009.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Wọ́n tún àjẹsára náà ṣe kó lè bá oríṣi HIV tó wọ́pọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà mu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tuntun níbẹ̀ ní 2016, tí wọ́n pè ní HVTN 702, pẹ̀lú ènìyàn bí 5,400. Ní oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n dá a dúró. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn rẹ̀, 138 ló kó kòkòrò náà lọ́dọ̀ àwọn tó gba àjẹsára, 133 lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbà á. Ẹni tó ń lo iye p nìkan kò ní ohun púpọ̀ láti sọ níbí: p rẹ̀ ga, a kò sì lè kọ àbá òdo sílẹ̀, ṣé nítorí pé àjẹsára kò wúlò ni, àbí nítorí pé ìwádìí kò lágbára tó láti rí i, iye p kò lè yà wọ́n. Ìwọ̀n ìfiwéra lè yà wọ́n. Pẹ̀lú ẹni tó fún gbogbo ìpín ní ìwọ̀n kan náà, ẹ̀rí ti àbá òdo lẹ́yìn ní ìlọ́po bíi 12.6. Pẹ̀lú ẹni tó ní kò lè ṣe jàǹbá, ó jẹ́ bíi 16. Pẹ̀lú agbẹjọ́rò tó bọ́gbọ́n mu jù, ẹni òdo sí 60, ó jẹ́ bíi 5. Gbogbo wọn ló tọ́ka síbì kan náà. Ààlà ẹ̀yìn ẹ̀rí sì wà láàárín òdo dín 32 àti 18 nínú 100, èyí tó túmọ̀ sí pé agbára 31 ti Táílándì kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Mi ò ní kí ẹ sọ pé ìyẹn fi hàn pé ti Táílándì jẹ́ èèṣì: ohun èlò inú àjẹsára náà ti yí padà, àwọn tí wọ́n fún ní i yàtọ̀, oríṣi kòkòrò tó ń tàn kálẹ̀ sì yàtọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ka 51 àti 74 lọ́nà tí a gbà kà á lónìí kì bá tí ṣe kàyéfì nígbà tí 138 àti 133 jáde.

Ibi tí ìlànà yìí ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà wà, ó sì rọrùn láti mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kí àbá òdo borí, kó sáà mú àbá kejì fẹ̀ títí tí yóò fi ní agbára ààbò tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé nínú. Ìwọ̀n ìfiwéra á máa tẹ̀ sí ìhà òdo láìjẹ́ pé ẹ̀rí kankan yí padà. Nítorí náà, bí ẹ bá ka ìwọ̀n ìfiwéra kan ṣoṣo nínú ìwádìí, láìsí ohun tí àbá kejì sọ tẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má gbà á. Ẹ béèrè ohun tó ń retí, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lè retí irú rẹ̀. Bákan náà, ìṣirò tí mo ṣe fún yín dúró lórí pé ẹgbẹ́ méjèèjì dọ́gba, pé wọ́n ṣọ́ wọn fún àkókò kan náà, àti pé bí ẹnìkan ṣe kó kòkòrò kò fa ti ẹlòmíràn. Níbi tí ọ̀kan nínú wọn kò bá sí, nọ́mbà náà yóò yẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwádìí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé e sí ìwé ìròyìn, ohun kan ni mo bẹ̀ yín fún. Bí ẹ bá tẹ iye p jáde, ẹ tẹ iye ènìyàn tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sí ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, àti iye àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹ má ṣe fi sí ojú ìwé ẹ̀yìn. Láti inú nọ́mbà mẹ́rin yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè yọ ààlà àti ìwọ̀n ìfiwéra fúnra rẹ̀, kó sì fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ wò ó. Láti inú 0.04 nìkan, kò sí ẹni tó lè yọ ọ́.